Owó Tí Kì Í Ṣe Owó Ilé Mọ́: Orúkọ Wo Ni Kí Lẹ́tà Lọ́yà Pè É?

Ní Onírèké, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ fún ìdílé kan ṣoṣo láyé àtijọ́ ti di ọ́fíìsì àti ibi òwò lónìí, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé kì í jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìwé. Ìwé àdéhùn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí àárín wọn bá dàrú, lẹ́tà lọ́yà ni yóò tẹ̀lé e. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, yóò gbé e lọ bá ọmọ rẹ̀ tàbí aládùúgbò tó mọ̀wé, ìtumọ̀ tí onítọ̀hún bá sì ṣe ni yóò gbé ìpinnu rẹ̀ kà: bóyá kí ó sanwó, kí ó kó jáde, tàbí kí ó wá lọ́yà tirẹ̀.

Nítorí èyí, kò sí ohun tó burú bí agbẹjọ́rò kan bá pinnu láti fi èdè Yorùbá kọ lẹ́tà rẹ̀, tàbí láti so ẹ̀dà Yorùbá mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò dé orí gbólóhùn kan tí kò ní jẹ́ kí kálàmù rẹ̀ lọ tààrà. Gbólóhùn náà ni míìnì prọ́fíìtì, orúkọ tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fún owó tí ẹni tó kọ̀ tí kò kó jáde gbọ́dọ̀ san lẹ́yìn tí àdéhùn rẹ̀ ti parí. Ṣé kí ó fi orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, àbí kí ó wá orúkọ Yorùbá fún un? Ìbéèrè yìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ èdè, ṣùgbọ́n owó àti ilé ló wà nídìí rẹ̀. Orúkọ tí lẹ́tà náà bá pe owó yìí lè gba ilé padà fún onílé, ó sì lè fún ayálégbé ní ọ̀nà láti jókòó síbẹ̀ fún ọdún mìíràn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéni, ó yẹ kí a mú àpẹẹrẹ kan tó rọrùn láti ṣírò. Onílé kan ní Onírèké fi yàrá méjì háyà fún ẹni tó ń lò wọ́n bí ọ́fíìsì, ní ₦600,000 lọ́dún, èyí tó jẹ́ ₦50,000 lóṣù. Ọdún àdéhùn wọn máa ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ní ọdún 2024, ayálégbé san ìdajì owó ọdún náà, ó jẹ ₦300,000 kù. Onílé kò fẹ́ bá a ṣe mọ́. Nítorí pé ọdọọdún ni àdéhùn náà, tí ìwé àdéhùn kò sì sọ ohun mìíràn, kúìtì nótíìsì olóṣù mẹ́fà ni òfin béèrè. Onílé fi í lé ayálégbé lọ́wọ́ kí oṣù Kẹfà tó parí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ó tún fún un ní nótíìsì ọlọ́jọ́ méje, tó ń sọ fún un pé òun fẹ́ lọ sí kóòtù láti gba ilé òun padà. Ayálégbé kò kó jáde. Nígbà tí oṣù Kẹrin ọdún 2025 parí, onílé ní kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí i.

Owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú lẹ́tà náà. Àkọ́kọ́ ni ₦300,000 ti ọdún 2024. Gbèsè owó ilé ni èyí, nítorí àdéhùn ṣì wà láàárín wọn nígbà tí ó di gbèsè. Èkejì ni ti oṣù mẹ́rin tó tẹ̀lé òpin àdéhùn, ₦50,000 lọ́nà mẹ́rin, tó jẹ́ ₦200,000. Èyí kì í ṣe owó ilé mọ́. Àdéhùn tó ń mú kí a pe owó ní owó ilé ti parí. Ohun tó kù ni pé ẹnìkan ń lo ohun ìní ẹlòmíràn, ó sì yẹ kí ó san iye tí ìlò náà tó. Owó yìí yóò sì máa pọ̀ sí i lóṣooṣù títí di ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá padà sọ́wọ́ onílé. Àpapọ̀ owó méjèèjì jẹ́ ₦500,000 lọ́jọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò gbọdọ̀ papọ̀.

Ohun tí ó rọrùn jù fún ẹni tó ń kọ̀wé ní Yorùbá ni kí ó pe gbogbo rẹ̀ ní owó ilé. Bẹ́ẹ̀ ni onílé fúnra rẹ̀ ń pè é nígbà tó bá ń ráhùn fún àwọn ará ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ayálégbé ń pè é. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí lẹ́tà bá sọ pé “ẹ jẹ owó ilé ₦500,000 títí di òpin oṣù Kẹrin ọdún 2025,” onílé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ẹni yìí ṣì jẹ́ ayálégbé òun ní oṣù Kìn-ín-ní, oṣù Kejì, oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ọdún 2025. Bí ayálégbé bá wá fi ₦150,000 ránṣẹ́ sí àpò ìfowópamọ́ onílé, tó kọ ọ́ sí i pé owó ilé oṣù mẹ́ta ni, tí onílé náà sì kọ rìsíìtì “owó ilé” fún un, agbẹjọ́rò ayálégbé ti ní ohun tí yóò gbé dúró níwájú adájọ́. Yóò ní onílé ti gba owó ilé lẹ́yìn tí nótíìsì rẹ̀ parí, nítorí náà ó ti ṣe àdéhùn tuntun, kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ nótíìsì mìíràn.

Kì í ṣe pé adájọ́ gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin ń wò ni èrò ọkàn àwọn méjèèjì: ṣé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdéhùn tuntun lóòótọ́, àbí onílé kàn gba owó tó tọ́ sí i lọ́wọ́ ẹni tó ń lo ilé rẹ̀ tipátipá? Ṣùgbọ́n èrò ọkàn kì í hàn bí kò ṣe nínú ọ̀rọ̀ àti ìṣe. Lẹ́tà àti rìsíìtì ni ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun kò ṣe àdéhùn tuntun kò gbọdọ̀ fi orúkọ àdéhùn àtijọ́ pe owó tí òun ń béèrè.

Bí owó ilé kò bá ṣeé lò, ẹlòmíràn lè fẹ́ túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dára kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé orúkọ náà kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Láti inú èdè Faransé tí àwọn amòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ní kóòtù láyé àtijọ́ ló ti wá, ohun tí míìnì sì túmọ̀ sí ni “ti àárín”. Lẹ́tà “s” wà láàárín rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n kì í dún lẹ́nu. Prọ́fíìtì níbí náà kì í ṣe èrè ọjà. Ohun tí ilẹ̀ tàbí ilé ń mú wá fún ẹni tó ni ín ni. Nítorí náà, ohun tí gbólóhùn náà ń sọ ni èso tó yẹ kí ilé mú wá láàárín ìgbà tí ẹ̀tọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀ parí àti ìgbà tó jáde.

Bí wọ́n bá kọ “èrè àárín” sínú lẹ́tà, kò sí ọmọ Ìbàdàn tí yóò rí gbogbo èyí nínú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ yóò rò pé owó alágbàtà ni, tàbí pé onílé ń béèrè ìpín nínú èrè iṣẹ́ tí òun ń ṣe nínú ọ́fíìsì náà. Ìdáhùn tí yóò fún un kò ní pẹ́: “Iṣẹ́ kò lọ déédéé lọ́dún yìí, èrè wo ni mo jẹ?” Lẹ́tà náà ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá. Owó náà kò ní í ṣe pẹ̀lú pé òwò ayálégbé jèrè tàbí kò jèrè. Bí ó tilẹ̀ ti ìlẹ̀kùn pa láti oṣù Kìn-ín-ní, tí kò wọbẹ̀ rí, ó jẹ owó náà níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò yà sí “owó ìtanràn”. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, ó sì ń dẹ́rù bani, bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń wu àwọn onílé tí inú ń bí. Ṣùgbọ́n ìyà ni ìtanràn, aláṣẹ ló sì ń bu ìtanràn léni. Onílé kò ní agbára láti bu ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Bí ayálégbé bá mọ èyí, yóò rò pé lẹ́tà náà kàn ń halẹ̀ ni. “Owó gbà-má-bínú” sàn díẹ̀ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ohun tó gbòòrò ni. A lè san án fún ọkọ̀ tí a gbá tàbí orúkọ tí a bà jẹ́, kò sì sọ bí a ṣe máa ṣírò rẹ̀. Owó tí a ń sọ yìí ní ìṣirò: iye owó oṣù kan, lọ́nà iye oṣù tó ti kọjá.

Ìkùnà àwọn ìtumọ̀ wọ̀nyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò sọ pé kí a má fi ọwọ́ kan orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà. Àwáwí wọn kì í ṣe yẹpẹrẹ. Wọ́n ní orúkọ náà ti kọjá lábẹ́ ojú àwọn adájọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, a ti mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ní ọdún 1986, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Debs àti ilé iṣẹ́ Cenico, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà sọ̀rọ̀ lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó yìí àti owó mìíràn tó jọ ọ́, èyí tí wọ́n ń béèrè fún ìlò ilé lásán. Ọjọ́ tí kíkà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tó yà wọ́n. Bí a bá wá fi orúkọ Yorùbá kan ṣoṣo pe méjèèjì, wọ́n ní, ìyàtọ̀ tí àwọn adájọ́ fi làákàyè ṣe yóò pòórá.

Wọ́n tún lè tọ́ka sí ohun tí Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ṣe. Béèlì, sámọ́ńsì, wáráńtì àti kóòtù kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a bí sí ilẹ̀ yìí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò béèrè ìtumọ̀ wọn ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Ọjà’ba. Kúìtì nótíìsì náà ti di ọmọ ilé. Bí agbẹjọ́rò kan bá lọ kọ “ìwé ìkìlọ̀ fún ìkójáde” dípò rẹ̀, àwọn tó gbà á lè má mọ̀ pé kúìtì nótíìsì tí wọ́n ń bẹ̀rù náà ló dé. Nítorí náà, wọ́n ní, kí míìnì prọ́fíìtì náà wọlé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wọlé.

Ibi tí àwáwí yìí ti yẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tó wọlé wọ̀nyẹn kò bá ti inú ìwé wọlé. Béèlì di ti Yorùbá nítorí pé ìyá ti lọ gba béèlì ọmọ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó mọ ohun tí ó ná òun. Kúìtì nótíìsì di ti Yorùbá nítorí pé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ lójú rẹ̀. Ohun tí ojú rí ló kọ́ wọn ní orúkọ náà. Míìnì prọ́fíìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ẹjọ́ àti ìdájọ́ ni ó ń gbé. Ayálégbé sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí adájọ́ ń ka iye tó jẹ. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí a ń kọ̀wé sí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó yẹ kí a fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ibi yòówù kí ó ti wá. Èyí tí kò mọ̀, bí a tilẹ̀ fi àmì ohùn sí i lórí, àjèjì ni.

Lẹ́tà ìbéèrè owó sì yàtọ̀ sí ìwé ẹjọ́. Adájọ́ àti àwọn agbẹjọ́rò ni wọ́n ń kọ ìwé ẹjọ́ fún. Ẹni méjì ni lẹ́tà yìí ní láti bá sọ̀rọ̀: ayálégbé tó gbọ́dọ̀ lóye rẹ̀ lónìí kí ó lè sanwó tàbí kó jáde, àti adájọ́ tó lè kà á lọ́la bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá lóye rẹ̀, lẹ́tà náà ti kùnà lórí iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. Owó oṣù mẹ́rin yóò di ti oṣù mẹ́wàá, nígbà tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò mọ̀ pé gbèsè tuntun ń gorí ti àtijọ́. Bí ẹnì kejì bá ṣì í lóye, onílé ni yóò jìyà rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni òfin náà pàápàá ti jà ìjà yìí nílé tiwọn. Ní ọdún 1362, wọ́n ṣe òfin pé kí wọ́n máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù, nítorí pé àwọn ará ìlú kò gbọ́ Faransé tí wọ́n fi ń rojọ́ lé wọn lórí. Síbẹ̀ àwọn amòfin kò fi Faransé wọn sílẹ̀, ìwé kóòtù sì ń bá a lọ ní Látìn. Ó tó ọdún 1733 kí òfin mìíràn tó mú kí gbogbo àkọsílẹ̀ kóòtù ibẹ̀ di Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1999 pàápàá, nígbà tí wọ́n tún ìlànà ẹjọ́ owó àti ohun ìní wọn ṣe, wọ́n yọ orúkọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń pe olùpẹ̀jọ́ kúrò, wọ́n sì fi èyí tí kò ṣòro lóye rọ́pò rẹ̀. Bí àwọn tó ni èdè náà bá ń ṣàròyé pé òfin ń sọ èdè tí kò yé àwọn, kò sí ìdí tí ayálégbé ní Onírèké yóò fi máa tijú pé kò yé òun.

Ohun tó kù ni láti wá orúkọ tí kò ní ṣi àwọn méjèèjì lọ́nà. Orúkọ náà gbọ́dọ̀ sọ ohun mẹ́ta: pé owó ni, pé nítorí ìlò ni, àti pé àdéhùn ti parí kí ìlò náà tó bẹ̀rẹ̀. “Owó ìlò-lẹ́yìn-àdéhùn” sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ìwé atúmọ̀ èdè, nítorí pé kò sí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ìyá ọlọ́jà kò mọ̀. Ó dára ju “owó ìgbélé” lọ, nítorí pé ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù tàbí ilẹ̀ kò gbé inú ilé kankan. Kò sì ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni kà á kí ó rò pé owó ilé ni, nítorí àdéhùn tó ti kọjá ni orúkọ náà gbé lé.

Bí agbẹjọ́rò bá gba orúkọ yìí, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ibi tó ti kọ́kọ́ jẹ yọ, kí ó sì so orúkọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn níbẹ̀ nìkan, kí adájọ́ lè dá a mọ̀. Gbólóhùn náà lè lọ báyìí:

“Àdéhùn yín lórí yàrá méjèèjì parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, kò sì sí àdéhùn tuntun láàárín ẹ̀yin àti onílé. Owó ilé tí ẹ jẹ kí àdéhùn náà tó parí ni ₦300,000. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 tí ẹ ti ń lo yàrá náà láìsí àdéhùn, ẹ tún jẹ owó ìlò-lẹ́yìn-àdéhùn, èyí tí òfin ń pè ní míìnì prọ́fíìtì, ní ₦50,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ó ti di ₦200,000 ní òpin oṣù Kẹrin, yóò sì máa pọ̀ sí i títí ẹ ó fi dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bí onílé bá gba owó yìí lọ́wọ́ yín, kò sọ yín di ayálégbé rẹ̀ padà.”

Ohun tí gbólóhùn yìí ṣe ni pé ó fi ọjọ́ ya owó méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tí orúkọ kò yé yóò rí i lára ọjọ́ àti iye owó. Láti ibẹ̀ lọ, orúkọ kan náà ni kí wọ́n máa lò títí dé òpin lẹ́tà, kí ó sì wà lórí rìsíìtì tí onílé bá kọ. Kò sí àǹfààní kankan nínú lẹ́tà tó pe owó náà ní owó ìlò-lẹ́yìn-àdéhùn bí rìsíìtì tó tẹ̀lé e bá pè é ní owó ilé. Adájọ́ yóò wo ohun tí onílé ṣe, kì í ṣe ohun tí lọ́yà rẹ̀ kọ nìkan.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀ bóyá orúkọ Yorùbá tí a yàn dúró dáadáa, kí lẹ́tà tó jáde. Kí agbẹjọ́rò fún ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè méjèèjì ní ẹ̀dà Yorùbá nìkan, ẹni tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí, kí ó ní kí ó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ohun tí ó dá padà bá jẹ́ owó ilé, ìtanràn tàbí èrè òwò, orúkọ náà kò dára tó. Bí ó bá jẹ́ owó tí wọ́n ń san fún ìlò ilé lẹ́yìn tí àdéhùn parí, ó ti tó. Eléyìí kì í ṣe eré ọmọdé, nítorí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní kóòtù gan-an nìyẹn. Nínú ẹjọ́ Ojengbede àti Esan, ní ọdún 2001, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi yéni pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kóòtù, àti pé ẹni tó bá fẹ́ lo ìwé tí wọ́n kọ ní èdè mìíràn gbọ́dọ̀ mú ìtumọ̀ rẹ̀ wá, yálà láti ọwọ́ ẹlẹ́rìí tó mọ èdè náà dáadáa tàbí láti ọwọ́ ògbufọ̀ kóòtù. Lẹ́tà Yorùbá yóò padà sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ kan, ẹni tí yóò dá a padà sì lè máà jẹ́ ẹni tó kọ ọ́. Bí ògbufọ̀ bá rí “owó ilé” níbẹ̀, owó ilé ni yóò pè é sí etígbọ̀ọ́ adájọ́, èrò rere tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́ kò sì ní ràn án lọ́wọ́. Ìdí kejì nìyí tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fi gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan: ó ń darí ọwọ́ ògbufọ̀ ọ̀la.

Kò yẹ kí a purọ́ fún ara ẹni nípa ibi tí agbára orúkọ tuntun yìí pin sí. Ìyàtọ̀ tí ẹjọ́ ọdún 1986 nì sọ̀rọ̀ lé lórí, kò lè gbé e. Àwọn agbẹjọ́rò lè jiyàn pé owó oṣù Kìn-ín-ní àti Kejì wà lábẹ́ orúkọ kan, pé ìgbà tí ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ọwọ́ ayálégbé ni èkejì bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Yorùbá yìí bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Nínú lẹ́tà, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé iye owó oṣù kan kò yàtọ̀, ohun tí ayálégbé nílò láti mọ̀ sì ni iye tó jẹ àti ìdí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, tí wọ́n bá ń kọ ìwé ìpẹ̀jọ́, agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ ya wọ́n sọ́tọ̀ ní èdè tí kóòtù ń lò. Lẹ́tà kì í ṣe iṣẹ́ ìwé ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé ẹnìkan ṣoṣo kò lè sọ orúkọ di orúkọ. Ní ọdún 1991, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé aṣòfin ni wọ́n ṣe é fún. Òfin orílẹ̀-èdè yìí fi àyè sílẹ̀ fún Yorùbá nílé aṣòfin, nítorí náà ẹ̀tọ́ ni pé kí wọ́n pèsè ọ̀rọ̀ fún un. Ayálégbé kì í lọ sílé aṣòfin. Ibi tí òfin ti ń bá a pàdé ni lẹ́tà tí wọ́n fi sábẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti ṣọ̀wọ́n jù. Bí agbẹjọ́rò márùn-ún ní Onírèké bá fi orúkọ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pe owó kan náà, ògbufọ̀ kóòtù yóò ní wàhálà márùn-ún. Àwọn ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ní Ìbàdàn àti àwọn ògbufọ̀ kóòtù lè jókòó pọ̀ kí wọ́n yan ẹyọ kan, ìbáà ṣe èyí tí a dárúkọ níbí, ìbáà ṣe èyí tó sàn jù ú lọ, bó bá ti yege nínú ìdánwò ìdápadà tí a sọ lókè yìí.

Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá ń kọ irú lẹ́tà yìí lónìí ní ohun tí yóò ṣe. Kúìtì nótíìsì kò ní láti yí padà, nítorí ẹni tó gbà á mọ̀ ọ́n. Míìnì prọ́fíìtì kò lè dúró lóun nìkan, nítorí ẹni tó gbà á kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ Yorùbá ni kí ó gbé iwájú, kí ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọjọ́ àti iye owó dúró ti méjèèjì. Ní ti owó ilé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún oṣù tí àdéhùn ṣì wà. Onílé tó bá fi í pe owó oṣù tó tẹ̀lé òpin àdéhùn lè rí i pé lẹ́tà tí òun san owó lọ́yà lé lórí ni wọ́n gbé wá bá òun ní kóòtù.